Ìdámọ̀ràn ìròyìn: Oògùn ìdá-ẹ̀jẹ̀-dúró ń jóná nínú ooru ní ilé ìlera Abà Alágbẹ̀dẹ

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2026.

Ẹ̀yin Olóòtú Ìròyìn, mà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè ní abala ìwádìí yín láti kọ ìròyìn kan lórí ilé ìlera alábọ́dé tó wà ní Abà Alágbẹ̀dẹ, ní Òkè Ògùn. Kókó rẹ̀ rèé: oksitósìn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà jù, wà lórí pẹpẹ nínú ooru, nítorí pé bátìrì fíríìjì sólà ilé ìlera náà ti kú. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ti ya owó irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀.

Mo mọ̀ pé ìròyìn ilé ìwòsàn tó ń jò ti sú àwọn òǹkàwé. Àjà tó já, ewúrẹ́ tó ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ti rí fọ́tò wọn tó. Ìjọba á fi ọ̀dà tuntun kun ògiri, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ní Abà Alágbẹ̀dẹ, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń dán. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ kò hàn sí ẹni tó ń kọjá lójú títì, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tọ ipa rẹ̀ dé ìdí.

Páànẹ́lì sólà mẹ́rin wà lórí òrùlé, kò sí èyí tó fọ́ nínú wọn. Bátìrì olómi ni wọ́n so mọ́ wọn. Irú bátìrì yìí ń fẹ́ kí wọ́n máa bu omi bátìrì sí i lóòrèkóòrè. Tí omi bá ti fà kúrò lórí irin inú rẹ̀, kò ní lè di iná mú mọ́. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni wọ́n tún gbé wọn sí, ooru sì máa ń tètè pa bátìrì. Méjì ti wú. Wọn kò kọ́ òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn, kò sì sí ìwé àdéhùn pé ẹnì kan ni yóò máa wá yẹ̀ wọ́n wò. Fíríìjì wá di kọ́bọ́ọ̀dù, fáìlì aláìsàn ló kún inú rẹ̀. Páálí oksitósìn wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní yàrá oògùn. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí náà gbàgàdà pé àárín 2°C sí 8°C ni kí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Tẹmómítà ara ògiri tó wà lókè orí rẹ̀ ń ka 34°C ní aago méjì ọ̀sán.

Oksitósìn tí ooru ti bà jẹ́ kì í yí àwọ̀. Bó ṣe mọ́ gaara nínú ìgò náà ló ṣì máa mọ́. Agbẹ̀bí á gún un, á máa retí kí ilé ọmọ sunkì, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Obìnrin tí ara rẹ̀ le lè kú láàárín wákàtí méjì bí ẹ̀jẹ̀ yẹn kò bá dá. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ síni lára jìnnà sí abà náà ní kìlómítà 41, kìlómítà 17 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà amọ̀ tí ọ̀kadà nìkan ń gbà nígbà òjò.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára ọmọdé tún so mọ́ fíríìjì kan náà. Ọjọ́rú ni ọlọ́kadà máa ń gbé àjẹsára wá láti ìjọba ìbílẹ̀ nínú apótí oníyìnyín, ó sì gbọ́dọ̀ gbé èyí tó ṣẹ́ kù padà lọ́jọ́ kan náà kí yìnyín tó yọ́. Ìgò àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ kan wà fún ọmọ 20, wọ́n sì gbọ́dọ̀ da á nù lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà tí wọ́n bá ti pò ó. Tí ọmọ mẹ́ta péré bá wá, òṣìṣẹ́ á ní kí àwọn ìyá lọ bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí kò fẹ́ fi ìgò kan ṣòfò. Ìyá tó ti oko rìn wá kì í sábà padà wá.

Ní ti owó, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Nínú owó àkànlò náà, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti oògùn àti àjẹsára, ìdá 15 sì jẹ́ ti àtúnṣe ilé, ohun èlò àti ọkọ̀. Inú àkáǹtì ilé ìlera fúnra rẹ̀ ni èyí tó bá tọ́ sí i yẹ kó wọ̀, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ló sì yẹ kó bá wọn ṣètò bí wọ́n ṣe máa ná an. Méjì nínú ọmọ ìgbìmọ̀ náà sọ pé àwọn kò rí ìwé báńkì rí. Ẹ̀sùn ṣì nìyẹn; a ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde láìrí ìwé báńkì náà.

Mo ti fi Òfin Òmìnira Ìwífún ti ọdún 2011 kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ ìlera alábọ́dé ìpínlẹ̀, ní ọjọ́ 16, oṣù Kejì. Ọjọ́ méje tí òfin fún wọn ti kọjá láìsí èsì. Wọn kò lè sọ pé òfin náà kò kan ìpínlẹ̀ mọ́, nítorí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti yanjú ìyẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Tí ìwé ìránnilétí bá tọwọ́ agbẹjọ́rò yín wá, mo rò pé wọn á tètè dáhùn.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ ká ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, a ò lè sọ pé oògùn yìí ló pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí a lè fi hàn ni agbára tó kù nínú rẹ̀, àyẹ̀wò láàbù nìkan ló sì lè sọ ìyẹn. Ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù gbà láti fọwọ́ sí i kí a mú ìgò díẹ̀ nínú páálí náà, kí wọ́n dí i níṣojú ẹlẹ́rìí, ká sì gbé e lọ sí láàbù nínú apótí oníyìnyín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́. Oṣù tí ooru mú jù la wà yìí. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò náà kò ní fi ibi tí nǹkan burú dé hàn.

Èkejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́ ìlera tó wà níbẹ̀. Òun nìkan ló ń dá ilé náà dúró, bẹ́ẹ̀ ìlànà ìjọba ní ó yẹ kí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí mẹ́rin wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ tàbí ohùn rẹ̀ nínú ìròyìn náà, torí wọ́n lè fi ìṣípòpadà jẹ ẹ́ níyà. A kò ní ya fọ́tò aláìsàn kankan láìgba àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ 1,800 ni mo máa kọ, pẹ̀lú fọ́tò mẹ́fà: bátìrì, inú fíríìjì, páálí pẹ̀lú tẹmómítà, òrùlé, apótí oníyìnyín, ọ̀nà amọ̀. Alága ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ ìlera ìpínlẹ̀ máa ní ọjọ́ márùn-ún láti fèsì kí a tó tẹ̀ ẹ́. Owó iṣẹ́ mi jẹ́ ₦150,000, owó ọkọ̀ àti ọ̀kadà jẹ́ ₦60,000. Owó láàbù ni mo bẹ̀ yín pé kí ilé iṣẹ́ ìròyìn san tààrà, kí a má baà sọ pé èmi ni mo sanwó fún èsì tí mo fẹ́. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ náà á tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mi ò tíì fi í han ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo máa dúró de èsì yín títí di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20, oṣù yìí. Fọ́tò mẹ́ta àti ẹ̀dà ìwé tí mo kọ sí ìjọba wà nínú ímeèlì yìí.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Adébísí,
akọ̀ròyìn aládàáni, Ìbàdàn.