Ìwé ìbéèrè láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, Alákòóso ilé ẹ̀kọ́ àdìrẹ,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Èmi ni mo bá ìyá mi gbé aṣọ funfun wá sọ́dọ̀ yín ní Ìtòkú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibi tí a ti ń dúró ni mo ti rí akọ̀wé yín tó ń tú rìsíìtì nínú ọ̀rá, tó ń wá orúkọ oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀. Kì í ṣe àléébù o. Iṣẹ́ ló pọ̀ ju ọwọ́ lọ.

Ìṣirò owó ni mo kà ní Pólì Ojere, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, aago 9 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán. Màá to rìsíìtì ọdún yìí sórí kọ̀ǹpútà tèmi: ẹni tó san, ẹni tó jẹ gbèsè, iye aró àti sódà tó wọlé. Owó ọkọ̀ láti Láfẹ́nwá, èmi ni màá san án.

Kí n má purọ́, iṣẹ́ gidi ni mò ń wá. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀, tí iṣẹ́ mi sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ rántí mi. Bí kò bá sí, ìwé ẹ̀rí ránpẹ́ náà tó.

Màá yà lọ́jọ́ Ẹtì láti gbọ́ èsì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìyá Aládìrẹ, Láfẹ́nwá