Ìránnilétí: nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti fọ́tò ọmọ

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀, a kú ìrọ̀lẹ́ o.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nọ́ńbà ẹlòmíràn sórí ẹgbẹ́ WhatsApp wa yìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń wá púlọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ bi púlọ́ńbà náà, kí ẹ wá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá a nìkan. Àdírẹ́sì náà ńkọ́? Ẹ má kọ ọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi kún un pé ẹ ti gbéra lọ Èkó. Ẹ ti júwe ilé fún olè nìyẹn!

Fọ́tò àwọn ọmọ ló ká wa lára jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ti ọmọ kan síbí tòun ti yunifọ́ọ̀mù, orúkọ iléèwé hàn gedegbe láyà rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ti mọ ibi tó lè dúró dè é. Bí ọmọ bá ń ṣọjọ́ ìbí, ẹ sọ fún wa, a ó ṣàdúrà. Kò dìgbà tí a bá rí fọ́tò.

Bí kò bá tíì ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ lè tẹ èyí tẹ́ ẹ ti fi síbí mọ́lẹ̀, kí ẹ yan "Delete", lẹ́yìn náà "Delete for everyone", àmọ́ kò ní kúrò lórí fóònù ẹni tó ti tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, a ó máa pa irú wọn rẹ́ láìbéèrè.

Akọ̀wé