Àlàyé Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ: Kókó Ọ̀rá Tó Wà Lẹ́yìn Èjìká Yín

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o.

Ohun tí a jọ sọ lọ́jọ́ tí ẹ wá ni mo kọ síbí, kí ẹ lè mú un lọ sílé. Ọ̀rọ̀ dókítà kì í pẹ́ fò lọ lórí èèyàn, pàápàá tí ọkàn ẹni bá ti wà lára ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín tó tẹ̀ lé yín wá kà á sí yín létí, kí ẹ sì fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibi tí kò bá yé yín. Ẹ ò ní buwọ́ lu ohunkóhun lónìí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago 9 àárọ̀, la fi iṣẹ́ náà sí. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ rò ó dáadáa, ẹ sì bi mí ní ohun tó bá wù yín.

Kí ló wà níbẹ̀?

Ọ̀rá ara yín ni. Ó ṣù jọ sábẹ́ awọ bíi pé ó wà nínú àpò kékeré kan. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó rọ̀, ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lábẹ́ ìka mi, kò sì dùn yín àfi ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun. Mo wọ̀n ọ́n, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ ní ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 6 sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ ló ń tóbi. Bí kókó ọ̀rá ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ rọra bi mí lọ́jọ́ yẹn bóyá jẹjẹrẹ ni. Gbogbo ohun tí mo rí ló ń sọ pé kì í ṣe òun. Àmọ́ ìka dókítà kì í ṣe láàbù, ìdí nìyẹn tí a óò fi kó ohun tí a bá yọ ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dájúdájú.

Oówo náà kọ́. Kò ní ọyún nínú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún un tàbí kó fún un. Omi gbígbóná ò lè yọ́ ọ, ìpara ò sì lè yọ́ ọ.

Bí a óò ṣe ṣe é

Ẹ ò ní sùn. Ẹ óò dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, a óò fi oògùn apakòkòrò nu èjìká yín, ó máa ń tutù. Lẹ́yìn náà ni a óò gún yín ní abẹ́rẹ́ lidokéènì yí kókó náà ká. Kí n má parọ́ fún yín, abẹ́rẹ́ yẹn máa ta yín, bí ìgbà tí ata kan egbò, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ á kú, ẹ ò ní mọ ìrora níbẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ìrora ni oògùn yẹn ń pa, kì í pa gbogbo ìmọ̀lára. Ẹ óò mọ̀ ọ́n tí mo bá tẹ ibẹ̀, tí mo bá fà á, ẹ tiẹ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ń yọ jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé abẹ́rẹ́ ò ràn wọ́n nítorí èyí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó dùn yín lóòótọ́, ẹ sọ lójú ẹsẹ̀, a óò fi kún un. Ẹ má pa á mọ́ra nítorí pé ẹ ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu.

Màá la awọ níwọ̀n tí kókó náà fi lè jáde, màá yọ ọ́, màá sì rán an, òkè àti inú. Òwú inú á yọ́ fúnra rẹ̀. Tòde ni ẹ óò padà wá kí nọ́ọ̀sì tú u lẹ́yìn ọjọ́ 14. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Ọjọ́ yẹn náà lẹ óò lọ sílé.

Àǹfààní tí ẹ lè rí níbẹ̀

Okùn báàgì kò ní máa há mọ́ ọn mọ́, ẹ óò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, a óò sì mọ ohun tó jẹ́ láìsí iyèméjì. Ìyẹn náà ni. Tí ìrora ọrùn tí ẹ sọ fún mi bá ń ti ibòmíràn wá, yíyọ kókó yìí ò ní mú un lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹ retí ẹ̀.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè rin báńdéèjì, ibẹ̀ sì lè dúdú tàbí kó wú fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara máa ń dúró sí àyè tí kókó náà kúrò, tí a óò wá fi abẹ́rẹ́ fà á jáde. Aspirin kékeré tí ẹ ń lò lè mú kí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n nítorí ọkàn yín ni wọ́n ṣe fún yín. Ẹ máa lò ó lọ. Ẹ̀jẹ̀ inú awọ, mo lè tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dá. Wàhálà ọkàn kò ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Egbò lè kó àrùn. Tí a bá ṣe irú iṣẹ́ yìí fún èèyàn 100, àwọn tí èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà ju 5 lọ, oògùn sì máa ń kápá rẹ̀. Awọ tó yí ojú ọgbẹ́ ká lè kú tipiri, kó má tètè mọ ìfọwọ́kàn fún oṣù díẹ̀. Nígbà mìíràn kì í padà sípò tán. Kókó náà lè tún hù, kì í wọ́pọ̀. Kí oògùn abẹ́rẹ́ má bá ara mu ṣọ̀wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n tí ahọ́n yín bá kú, tí etí yín ń pariwo, tàbí tí ẹ ń tọ́ adùn irin lẹ́nu, ẹ sọ fún wa kíákíá.

Èyí tó ká mi lára jù fún yín ni àpá.

Màmá, mo wo etí yín lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn etí òsì, níbi tí wọ́n ti lu ihò kejì, ẹran kan wà níbẹ̀ tó tó ẹyọ ẹ̀wà, ó ń dán, ó le. Ẹ ní láti ìgbà èwe yín ló ti wà, pé ó máa ń yún yín. Ìyẹn ni à ń pè ní kílọ́ìdì, àpá tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí lè tún ṣe bẹ́ẹ̀, èjìká àti òkè ẹ̀yìn sì wà lára ibi tó fẹ́ràn láti hù sí jù lọ. Kì í yọjú lọ́sẹ̀ kìíní. Ojú ọgbẹ́ lè jinná kó dán mọ́rán, kó tó di pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, kó máa ga. A ní abẹ́rẹ́ tó lè mú un wálẹ̀ àti bébà silikónì tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà máa ń gba oṣù púpọ̀. Tí a bá sì kàn gé e kúrò láìfi ìtọ́jú mìíràn kún un, ó sábà máa ń padà wá.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ lè fi kókó rírọ̀ tí kò dùn pààrọ̀ àpá líle tó ń yún. Mi ò lè sọ fún yín pé yóò ṣẹlẹ̀, mi ò sì lè sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ nítorí bó ṣe rí lójú nìkan lẹ fi fẹ́ yọ ọ́, ǹ bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ pé ó ń jí yín lóru, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n méjèèjì.

Ohun mìíràn tí a lè ṣe

Ẹ lè fi í sílẹ̀ pátápátá. Kò sí ewu nínú ìyẹn, bí a bá ń wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó lè mú kí ẹ padà wá kíákíá ni tó bá ń tóbi lójijì, tó kọjá sẹ̀ǹtímítà 5, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, tàbí tó le tí kò yọ̀ mọ́.

A tún lè kọ́kọ́ fi sikáànù wò ó. Kò dùn, kò sí ọ̀bẹ, yóò sì fi bí ó ṣe jìn tó hàn wá, ṣùgbọ́n kò ní mú un kúrò. Àwọn dókítà kan máa ń fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ fa ọ̀rá náà jáde. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, èyí tó dára fún ẹni tó ní irú awọ yín, àmọ́ àpò rẹ̀ sábà máa ń kù sílẹ̀, ó sì rọrùn fún un láti tún hù. A kì í ṣe é níbí. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, màá kọ lẹ́tà fún yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ti oorun àsùnpiyè tí ẹ bèèrè, ewu tirẹ̀ ju ti iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ lọ, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ jẹun, ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bí ẹ ṣe ń lò ó, ẹ wọ aṣọ tó ní bọ́tìnnì níwájú. Tí ẹ bá délé, ẹ má jẹ́ kí omi kan ibẹ̀ fún ọjọ́ 2. Ẹ má gbé ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ 3, nítorí èjìká kì í jókòó jẹ́ẹ́, tí a bá ń fà á, àpá á fẹ̀. Parasítámọ́ò onímílígíráàmù 500, ẹ lo 2 tó bá ń dùn yín, kó má ju 8 lọ láàárín wákàtí 24. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń da tí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 tí kò dá, tí ibẹ̀ bá ń gbóná, tí ọyún ń jáde, tàbí tí ibà gbé yín, ẹ má dúró de ọjọ́ 14.

Kí a tó wọ tíátà, màá ní kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún mi ohun tí a fẹ́ ṣe, ohun tó lè ṣẹlẹ̀, àti ìdí tí ẹ fi yàn án. Ìdánwò kọ́ o. Èmi ni mò ń dán ara mi wò bóyá àlàyé mi yé yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ óò wá buwọ́ lu ọ̀rọ̀ yìí, tàbí kí ẹ tẹ̀ka:

*“Dókítà ti ṣàlàyé fún mi ní èdè mi pé kókó ọ̀rá ẹ̀yìn èjìká mi kò léwu, pé mo lè fi í sílẹ̀, àti pé awọ mi lè hu àpá tó ga níbi tí wọ́n bá là. Mo ti bèèrè ohun tó ń rú mi lójú, mo sì gba èsì. Mo gbà kí wọ́n yọ ọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí láàbù. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Mo mọ̀ pé mo lè yí ọkàn mi padà nígbàkigbà, kódà nígbà tí mo bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìtọ́jú mi níbí kò sì ní tìtorí ìyẹn dínkù.”*

Tí ẹ bá wá lọ́jọ́bọ̀ tí ẹ ní ẹ ò ṣe mọ́, a óò kí ara wa, màá tún wọn kókó náà, màá kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú fáìlì yín, a ó sì fi àdéhùn sí ẹ̀yìn oṣù 6.