Àdéhùn ìpèsè àdìrẹ, Apá Kẹjọ: gbígbé ẹ̀tọ́ tàbí iṣẹ́ fún ẹlòmíràn

Apá yìí jẹ́ ara àdéhùn tí Aládìrẹ, tí ìkòkò aró rẹ̀ wà ní Ìtòkú, àti Òtẹ́ẹ̀lì, tí ó wà ní Ìbarà, jọ tọwọ́ bọ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2025. Orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn méjèèjì wà ní ojú ìwé kìíní. Èdè Yorùbá ni a fi kọ ọ́ nítorí pé àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè kà á fúnra wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, ti Yorùbá yìí ni a óò tẹ̀ lé.

8.1 Ìtumọ̀

"Gbígbé ẹ̀tọ́" ni kí ẹnì kan ní kí a máa kó ohun tó tọ́ sí i nínú àdéhùn yìí, pàápàá owó, fún ẹlòmíràn. "Gbígbé iṣẹ́ jáde" ni kí Aládìrẹ gba ilé iṣẹ́ mìíràn láti bá a ṣe lára iṣẹ́ náà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú àdéhùn. Ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni "agbaṣẹ́ṣe ọwọ́ kejì". Ọmọ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Aládìrẹ nínú ọgbà rẹ̀ kò sí lára wọn.

8.2 Iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ Aládìrẹ

(a) Yáàdì 300 àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí Òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ fi ṣe gbọ̀ngàn àbáwọlé lọ́ṣọ̀ọ́, ọwọ́ Aládìrẹ gan-an ni Òtẹ́ẹ̀lì rí tó fi wá bá a. Nítorí náà, Aládìrẹ fúnra rẹ̀ ni yóò pín ojú aṣọ, òun ni yóò sì fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí i. Kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ jù ú lọ. Ọmọ iṣẹ́ lè se ẹ̀kọ, ó lè sá aṣọ, ó lè kún àlàfo tí Aládìrẹ ti fa ìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti Aládìrẹ.

(b) Kò sí ẹni tó lè fi páànù tí a gé iṣẹ́ sí lára rọ́pò ìyẹ́ lórí yáàdì 300 yìí. Àdìrẹ tí a fi páànù ṣe dára, ọ̀pọ̀ ní Ìtòkú ló sì ń fi í jẹun, àmọ́ kì í ṣe òun ni Òtẹ́ẹ̀lì ń san ₦12,000 lórí yáàdì kan fún.

(d) Bí àìsàn bá dá Aládìrẹ dúró fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, yóò sọ fún Òtẹ́ẹ̀lì. Òtẹ́ẹ̀lì lè dúró dè é, ó lè gbà kí ẹlòmíràn tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí parí iṣẹ́ náà, tàbí kí ó yọ yáàdì tó ṣẹ́ kù kúrò nínú àdéhùn, kí wọ́n sì ṣírò owó rẹ̀ kúrò. Aládìrẹ kò ní san owó ìtanràn kankan nítorí àìsàn.

8.3 Iṣẹ́ tó lè gbé jáde láì tọrọ àyè

Fífọ aṣọ lẹ́yìn aró, lílù ú lórí igi kí ó lè dán, lílọ̀ ọ́, dídì í, àti fífi ọkọ̀ kó o láti Ìtòkú dé Ìbarà. Aládìrẹ kò nílò láti béèrè kí ó tó gbé èyíkéyìí nínú wọn jáde.

8.4 Iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè fún

(a) Ohun mẹ́ta ni: títẹ iṣẹ́ àbẹ́là sára yáàdì 900 àdìrẹ alábẹ́là, rírẹ aṣọ náà sínú aró, àti rírán aṣọ òṣìṣẹ́ 84. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó ṣòro kí ọgbà kan ṣoṣo dá gbogbo rẹ̀ ṣe kí ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà tó pé, nítorí náà a retí pé Aládìrẹ yóò gbé lára rẹ̀ jáde.

(b) Aládìrẹ yóò fi lẹ́tà tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ sọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ibi tó wà, iye yáàdì tàbí aṣọ tó fẹ́ gbé fún un, àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ aró tàbí àbẹ́là, yóò fi aṣọ yáàdì kan tí ilé iṣẹ́ náà ṣe ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì yóò fọ aṣọ yìí lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọṣẹ tó ń lò ní yàrá ìfọṣọ rẹ̀ kí ó tó dáhùn.

(d) Òtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti dáhùn. Kò gbọdọ̀ kọ̀ láìnídìí. Bí ó bá kọ̀, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Aró tó ń ṣí, ilé iṣẹ́ tó ti já a kulẹ̀ rí, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń bá òtẹ́ẹ̀lì mìíràn ní Abẹ́òkúta ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ́wọ́, ìdí tó yè kooro ni. Pé Òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ wá ẹni tó máa ṣe é ní ẹ̀dínwó kí ó lè tún iye owó rẹ̀ ná kì í ṣe ìdí.

(e) Bí Òtẹ́ẹ̀lì kò bá dáhùn, ìdákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àyè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún náà ni a óò fi kún ọjọ́ tí Aládìrẹ gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ wá.

8.5 Ta ni Òtẹ́ẹ̀lì yóò mú?

Aládìrẹ ni. Bí Òtẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ fọwọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló júwe agbaṣẹ́ṣe náà, gbèsè iṣẹ́ kò kúrò lọ́rùn Aládìrẹ. Àṣìṣe agbaṣẹ́ṣe ọwọ́ kejì jẹ́ àṣìṣe Aládìrẹ lójú àdéhùn yìí. Bí àpẹẹrẹ, bí Aládìrẹ bá gbé yáàdì 120 fún aláró kan ní Aṣérò, tí kọ́sítíìkì sódà pọ̀ jù tí aṣọ fi ń ya bí ìwé, Aládìrẹ yóò fi owó ara rẹ̀ ṣe yáàdì 120 mìíràn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá lọ bá aláró yẹn, nítorí pé àárín àwọn méjèèjì ni àdéhùn wọn wà. Òtẹ́ẹ̀lì kò bá aláró náà ṣe àdéhùn, aláró náà kò sì lè wá sí Ìbarà wá béèrè owó.

Ohun kan ṣoṣo ló yà sọ́tọ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe bá fi ẹ̀rí hàn pé ó ti ju ọjọ́ 21 lọ tí owó òun ti yẹ kó jáde lọ́wọ́ Aládìrẹ, tí Aládìrẹ kò sì jiyàn rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí Òtẹ́ẹ̀lì fi tó o létí, Òtẹ́ẹ̀lì lè san án tààrà, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó Aládìrẹ. Ó lè ṣe é. Kò di dandan fún un.

8.6 Ohun tí Aládìrẹ gbọ́dọ̀ bá agbaṣẹ́ṣe ọwọ́ kejì kọ sílẹ̀

Àdéhùn ẹnu kò tó. Ìwé ojú kan tó láti gba gbogbo rẹ̀: pé kò ní tún iṣẹ́ náà gbé fún ẹni kẹta, pé Òtẹ́ẹ̀lì lè bẹ iṣẹ́ náà wò lójú ọ̀sán lẹ́yìn tó bá ti sọ tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ kan, pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní fọwọ́ kan kọ́sítíìkì sódà tàbí háídírọ́ọ̀sì, pé àwọn tó ń rẹ aṣọ yóò wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, pé omi aró kò ní gba gọ́tà lọ sínú odò Ògùn, àti pé àṣẹ́kù, èérún tàbí àwòrán iṣẹ́ tí a ṣe fún Òtẹ́ẹ̀lì kò ní di títà ní ọjà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí Aládìrẹ mú le jù. Iṣẹ́ tó bá jáde lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹlòmíràn yóò ti gé e sí páànù.

8.7 Ìwọ̀n ara àwọn òṣìṣẹ́

Orúkọ, fóònù àti ìwọ̀n ara òṣìṣẹ́ 84 tí Òtẹ́ẹ̀lì bá kó sílẹ̀ wà lábẹ́ Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, 2023. Aládìrẹ kò gbọdọ̀ kó o fún télọ̀ kankan láìjẹ́ pé Òtẹ́ẹ̀lì kọ̀wé fọwọ́ sí télọ̀ náà. Nọ́ńbà àti ìwọ̀n nìkan ni télọ̀ nílò, kò nílò orúkọ. Lẹ́yìn ìránṣọ, kí wọ́n pa á rẹ́.

8.8 Gbígbé ẹ̀tọ́ sí owó

(a) Gbogbo owó iṣẹ́ yìí jẹ́ ₦9,360,000. Òtẹ́ẹ̀lì ti san ₦3,744,000 ṣáájú. Ó ku ₦5,616,000. Aládìrẹ lè gbé ẹ̀tọ́ sí owó tó kù yìí, tàbí apá kan rẹ̀, fún báǹkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó bá yá a lówó láti ra báfù àti aró. Kò nílò àyè Òtẹ́ẹ̀lì. Kò lè gbé e fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí irú àwọn wọ̀nyí.

(b) Ìwé ìfilọ̀ tí Aládìrẹ fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì akápò Òtẹ́ẹ̀lì. Owó tí Òtẹ́ẹ̀lì bá san fún Aládìrẹ kí ìwé náà tó dé ti di sísan. Báǹkì kò lè ní kí ó tún un san. Owó tí Òtẹ́ẹ̀lì bá san fún Aládìrẹ lẹ́yìn tí ìwé ti dé, ewu rẹ̀ wà lọ́rùn Òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀.

(d) Ẹni tó gba ẹ̀tọ́ yìí kò gba ju ohun tí Aládìrẹ ní lọ. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ tí Òtẹ́ẹ̀lì sì ní ẹ̀tọ́ láti yọ owó, yóò yọ ọ́ bákan náà níwájú báǹkì.

(e) Bí Aládìrẹ bá gbé owó kan náà fún ẹni méjì, ẹni tí ìwé ìfilọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Òtẹ́ẹ̀lì ni Òtẹ́ẹ̀lì yóò san án fún, bí kò bá sí ohun tí ilé ẹjọ́ sọ tó yàtọ̀.

8.9 Bí Òtẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ kúrò nínú àdéhùn

Ẹ̀tọ́ Òtẹ́ẹ̀lì láti gba aṣọ lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá ra Òtẹ́ẹ̀lì náà, pẹ̀lú ìwé ìfilọ̀ ọjọ́ 14 fún Aládìrẹ. Gbèsè rẹ̀ kò lè tẹ̀ lé e lọ bẹ́ẹ̀. Bí Òtẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ sísan ₦5,616,000 tó ṣẹ́ kù, Aládìrẹ, òun, àti ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ jọ tọwọ́ bọ ìwé tuntun kan tó sọ pé ẹni tuntun ti rọ́pò rẹ̀. Títí di ìgbà náà, Aládìrẹ lè béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ bá a ṣe àdéhùn, ohun yòówù kí àwọn méjèèjì tó tà tó rà ti sọ fún ara wọn.

8.10 Ikú

Bí Aládìrẹ bá kú, iṣẹ́ tó wà ní 8.2 parí síbẹ̀. Kò sí ọmọ tàbí ìyàwó tí Òtẹ́ẹ̀lì lè ní kó wá fọwọ́ kọ ọ́. Owó iṣẹ́ tó ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń bójú tó ogún rẹ̀. Bí owó àsansílẹ̀ bá ju iye iṣẹ́ tó ti ṣe lọ, wọn yóò dá àṣẹ́kù padà láti inú ogún náà, kì í ṣe láti inú àpò ara wọn. Ti alábẹ́là àti ìránṣọ, wọ́n lè parí rẹ̀ bí Òtẹ́ẹ̀lì bá gbà.

8.11 Bí ẹnì kan bá rú apá yìí

Gbígbé ẹ̀tọ́ tàbí iṣẹ́ tó ta ko apá yìí kò di Òtẹ́ẹ̀lì mú. Bí ó bá jẹ́ 8.2 ni Aládìrẹ rú, Òtẹ́ẹ̀lì lè kọ aṣọ náà, kí ó sì fòpin sí ìyókù àdéhùn. Bí ó bá jẹ́ 8.4, tí aṣọ tó jáde sì dára, Òtẹ́ẹ̀lì kò lè kọ aṣọ náà nítorí pé a kò tọrọ àyè nìkan. Yóò yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó aṣọ tí ọ̀rọ̀ kàn.

8.12 Aáwọ̀

Aáwọ̀ lórí apá yìí yóò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onílàjà kan tí àwọn méjèèjì bá yàn ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Òfin Ìdájọ́ Ẹni-àyàn àti Ìlàjà ti Nàìjíríà, 2023. Bí kò bá yanjú láàárín ọjọ́ 30, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn tó ní àṣẹ lórí rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kò kàn kò ní dúró nítorí aáwọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀.