Lẹ́tà sí àwọn òbí Àánúolúwapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀

Kíláàsì Kejì, Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Bàbá àti Ìyá Àánúolúwapọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ojú Àánú ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo lẹ lẹ́tà yìí pa dípò kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù kà á.

Láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé ẹyinjú òsì rẹ̀ máa ń yí sí ìhà imú nígbà tí ti ọ̀tún bá ń wo iwájú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó máa ń hàn dáadáa bí ó bá ń kàwé tàbí bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án. Bí mo bá kọ nǹkan sójú pátákó, á fún ojú pọ̀, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà mìíràn á tún fi ọwọ́ bo ojú òsì kí ó tó lè dà á kọ. 8 tí mo kọ a máa di 3 nínú ìwé rẹ̀, a sì máa fo odindi ìlà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ìṣirò kan náà sí i létí, kíákíá ni yóò dáhùn, ìdí nìyí tí ó fi dá mi lójú pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì ya olódo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a wí nítorí máàkì rẹ̀ nínú ìwé àdàkọ.

Orí fífọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí n má lè dúró de ìpàdé òbí àti olùkọ́. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán ni ó sábà máa ń dé, tí yóò di iwájú orí mú, tí yóò sì gbé orí lé tábìlì. Ó sọ fún mi pé ẹ máa ń fún òun ní parasitámọ́ọ̀. Ó lè mú kí orí náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú ló ń fà á, yóò tún padà wá.

Mo ti gbé e wá sí ìjókòó iwájú. Àdàkọ rẹ̀ sàn díẹ̀, àmọ́ ojú náà ṣì ń yí. Mo sì ti kìlọ̀ fún àwọn tí ń fi ojú rẹ̀ pè é lórúkọ, wọ́n ti jáwọ́.

Olùkọ́ ni mí, èmi kọ́ ni mo lè sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọmọ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé agbára tí wọ́n ń fi wo nǹkan ló ń fa ojú wọn sínú, tí awò ojú nìkan sì lè tún un ṣe. Àwọn mìíràn nílò kí a fi nǹkan bo ojú tí ó dára fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́ kí èyí tí ó rẹ̀yìn lè ṣiṣẹ́, iṣẹ́ abẹ sì wà fún àwọn kan. Bí ojú kan bá ń yí fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ ọmọdé a máa pa ohun tí ojú náà ń rí tì, débi pé ojú náà lè má ríran dáadáa mọ́ títí ayé. Ìgbà tí ọmọ bá ṣì kéré ni ìtọ́jú rẹ̀ ń yọrí jù lọ, Àánú yóò sì pé ọmọ ọdún 7 ní oṣù Kìíní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ jẹ́ kí ó dàgbà kúrò nínú rẹ̀, ọmọ ọwọ́ tí kò ju oṣù mélòó kan lọ ni ìyẹn lè bá mu.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ro wàrà ọmú, omi ṣúgà, ìtọ̀, àgbo tàbí oògùn tí kẹ́mísìtì kàn tà fún un sí i lójú, kí ẹ má sì ra awò ojú lọ́jà fún un. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní UCH, tàbí ilé ìwòsàn ojú mìíràn tí dókítà ojú wà. Wọn yóò bi yín ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ti ṣubú rí, àti bí ẹnìkan nínú ẹbí bá ní irú rẹ̀. Fọ́tò ìgbà tí ó wà ní kékeré yóò wúlò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ro oògùn tí ń la ọmọlójú sí i, èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè kàwé fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà mi ò ní béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ó ń bì pẹ̀lú orí fífọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, tí ó ń rí ohun kan ní méjì, tàbí tí ọmọlójú rẹ̀ ń tàn funfun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ti mọ̀ sí lẹ́tà yìí. Bí owó tàbí àkókò bá jẹ́ ìṣòro, ẹ jẹ́ kí a gbọ́. Mo máa wà ní kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ṣíwọ́, títí di aago mẹ́ta ààbọ̀, inú mi yóò sì dùn bí ọ̀kan nínú yín bá lè yà.

Èmi ni tiyín,
Fọláṣadé Adéníran,
Olùkọ́ Kíláàsì Kejì.