Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ nóòtì Sìtátísítíìkì tí mo gé kúrú wò

Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Èmi Bùsọ́lá ni, akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ọdún kejì, ẹni tó béèrè nípa n − 1 ní kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má bínú pé mo tún dé.

Mo kó gbogbo nóòtì sẹ̀mẹ́sítà yìí sójú ìwé méjì péré. Fún ara mi ni mo ṣe é, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan fi fóònù yà á, kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kiri ní Ìwòròkó. Ẹ̀rù wá ń bà mí, sà. Bí mo bá ṣì í kọ, èmi nìkan kọ́ ló máa fèèlì, ìdánwò sì ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ibi mẹ́ta ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Iṣu márùn-ún tí màmá mi rà ní Ọjà Ọba, Adó, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo yá òṣùwọ̀n ìyá tó ń ta ẹja, mo sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kìlógíráàmù 2, 3, 3, 4, àti 8. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 4, iye àárín jẹ́ 3. Fún ìtànká wọn, mo ní:

```
s² = (4 + 1 + 1 + 0 + 16) / 4 = 5.5
s  = 2.35
```

Mo wá kọ ọ́ pé n − 1 la fi ń pín nígbà gbogbo. "Nígbà gbogbo" yẹn ló ń dà mí láàmú. Bí kò bá sí iṣu mìíràn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju márùn-ún yẹn lọ, ṣé kì í ṣe 5 ló yẹ ká fi pín in?

Ìkejì ló le jù. Mo fi t = 2.776 ṣírò ààlà 95%, mo rí 1.09 sí 6.91, mo sì kọ ọ́ pé 95% ni àǹfààní pé ìpíndọ́gba gbogbo iṣu ọjà náà wà láàárín wọn. Àmọ́ ohun tí ẹ sọ ní kíláàsì ni pé bí a bá ń mú iṣu márùn-ún márùn-ún léraléra, tí a sì ń ṣírò ààlà lọ́tun nígbà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 95 nínú 100 irú ààlà bẹ́ẹ̀ ni yóò gba ìpíndọ́gba náà mọ́ra. Ó jọ pé mo ti ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́ níbi tí mo ti ń gé e kúrú. Ṣé a tiẹ̀ lè lo t níbẹ̀, nígbà tí iṣu kan ṣoṣo tóbi tó 8 láàárín márùn-ún?

Ìkẹta, fún p = 0.03, mo kọ ọ́ pé bí H0 bá jẹ́ òótọ́, 3% ni àǹfààní pé a ó rí èsì tó jìnnà tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ "bí H0 bá jẹ́ òótọ́" kúrò, kó lè gba ìlà kan. Mo kọ̀ fún wọn.

Bí àyè kò bá sí láti kọ púpọ̀, sà, ẹ kàn fàlà sábẹ́ èyí tí kò tọ̀nà. Mo tún lè wá sí ọ́fíìsì yín ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì aago méjì. Mo ti ní kí wọ́n dá fọ́tòkọ́pì náà dúró títí ẹ ó fi dá mi lóhùn.

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà.
Bùsọ́lá