Ohun tó wà nínú àwòrán Fesibúùkù nípa aṣọ Ìbàdàndùn, fún Màmá

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ ní kí n kọ gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán ojú fóònù mẹ́ta tí wọ́n fi ránṣẹ́ jáde, kí ẹ lè fi ojú ara yín kà á kí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó pé. Lẹ́tà ńlá ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Maṣíìnì ìtẹ̀wé tí mo lò kì í tẹ àwọ̀, dúdú àti funfun ló mọ, nítorí náà mo ṣàlàyé ìmójì kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ ni mo ṣe gbé e, àti dáadáa àti èébú. Àmì ohùn nìkan ni mo fi kún un. Orúkọ, àti ohun tó bá ní @ tàbí #, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́ onígun, èmi ni mo sọ ọ́.

ÀWÒRÁN KÌÍNÍ

[Lókè pátápátá: aago 21:17, bátìrì 23%. Ti fóònù ẹni tó ya àwòrán nìyẹn.]

Omo Itoku Gangan
2d · 🌐

[Ọjọ́ méjì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Ayé róbótó yẹn ni pé ẹnikẹ́ni ló lè rí i, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Kò fi ojú ara rẹ̀ síbi orúkọ, ìkòkò aró ló fi síbẹ̀.]

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi wo nǹkan o 😳 [ojú tó ranjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n]. Ìtòkú ni mo ti ra aṣọ yìí ní Sátidé, Ìbàdàndùn, ọ̀pá márùn-ún, ₦14,000. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹ̀lú ni, ó ní ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹ́ adìẹ ni 🪶 [ìyẹ́]. Mo délé, mo tú u, mo yí i padà. Ẹ wo ẹ̀yìn! Funfun báláú!! 😡😡😡 [ojú pupa tó ń bínú, mẹ́ta]

Aṣọ tí wọ́n rì bọnú aró, báwo ni aró ò ṣe ní mu ẹ̀yìn rẹ̀? Iwájú nìkan ni wọ́n ń kọ ẹ̀kọ sí. Ẹ̀yìn ló tilẹ̀ yẹ kó dúdú jù. Ẹ tún wo àwọn òpó Mápó inú rẹ̀, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Ta ló lè fi ọwọ́ kọ ogún òpó kí ọ̀kan má yàtọ̀ sí èkejì? Maṣíìnì ni 🤥 [ojú onímú gígùn, ti òpùrọ́]

@Iya Elelu Itoku ṣé báyìí la ó ṣe máa ṣe é? Oja Adire Itoku ẹ gbọ́ o 📢 [gbohùngbohùn] 🙏🏾 [àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé]

#AdireEgba #EluNiKiiSeInki #ItokuESoraYin 💙 [ọkàn aláwọ̀ aró]

[Màmá, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Àmì @ wà níwájú orúkọ yín, àmọ́ kò so mọ́ ojú ìwé yín, ó kàn tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí fóònù yín kò fi dún. Ti ọjà ló so: lẹ́tà rẹ̀ nípọn, @ sì ti kúrò níwájú rẹ̀. Àwọn ará ọjà ti gbọ́ kí ẹ tó gbọ́.

Àmì # ni wọ́n fi ń kó ọ̀rọ̀ tó jọra pọ̀ sójú kan, wọn kì í sì fi àlàfo sí i. Bí ẹ ó ṣe kà wọ́n nìyí: Àdìrẹ Ẹ̀gbá, Ẹ̀lú ni, kì í ṣe íǹkì, Ìtòkú, ẹ ṣọ́ra yín. Ìkẹta yẹn ló dùn mí, torí gbogbo ọjà ló fi nà.]

[Àwòrán aṣọ méjì ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni iwájú aṣọ: òpó Mápó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣíbí láàárín wọn. Èkejì ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ó funfun lóòótọ́, àmọ́ iná fíláàṣì bọ́ lé e láàárín gbùngbùn, etí aṣọ nìkan ni mo rí dáadáa, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló sì wà níbẹ̀. +3 wà lórí àwòrán kejì yìí: mẹ́ta mìíràn wà tí a kò rí.]

👍😡❤️ 1.3K
248 comments · 173 shares

[Àtàǹpàkò, ojú ìbínú, ọkàn pupa. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ jù nìyẹn. 1.3K jẹ́ nǹkan bí 1,300. Èèyàn kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ nígbà 248, wọ́n sì ti pín in kiri nígbà 173. 173 yẹn ló ń dẹ́rù bà mí ju ìyókù lọ.]

ÀWÒRÁN KEJÌ

All 1.3K · 👍 702 · 😡 391 · ❤️ 118 · 😂 96 · 😮 11 · 😢 4

[Ẹ̀rín ni 😂, ìyàlẹ́nu ni 😮, ẹkún ni 😢. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1,322. Ẹ má jẹ́ kí 702 yẹn já yín láyà, ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ àtàǹpàkò kí a lè mọ̀ pé wọ́n kọjá níbẹ̀. Àwọn 391 tó bínú ni kí ẹ wò. Orúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò kọ wọ́n, torí oníbàárà yín méjì wà níbẹ̀, ẹ ó sì lọ bá wọn jà.]

ÀWÒRÁN KẸTA

Most relevant ▾

Aro Dudu · 1d
Ti Ṣáínà nìyẹn o 😂😂 [ẹ̀rín àrínsunkún, méjì]. Wọ́n tà á fún ẹ, o sì rà á. Kú orí ire!
Like · Reply · 212 😂

Omo Elepe · 1d
Ẹlẹ́kọ ni ìyá ìyá mi ń ṣe. Ẹ fi aṣọ náà símú. Òórùn ẹ̀lú kì í fara pamọ́.
Like · Reply · 88 👍
 ↳ Omo Itoku Gangan · 1d
 Mo ti gbóòórùn ẹ̀, kò rùn rárá 🤷🏾‍♀️ [obìnrin tó gbé èjìká sókè, bí ẹni ń ní òun ò mọ̀]
 View 14 more replies

Baba Alaye · 1d
Ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láàárín 1930 sí 1939 ni wọ́n ti fa kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta, ó sì dé ààfin Aláké.
Like · Reply · 31 👍

Sisi Oniranu · 20h
🍿🍿👀
Like · Reply · 64 😂
[Gúgúrú méjì, ojú méjì tó ń yọjú. Ó wá wòran ni.]

Onibara Tooto · 18h · Edited
Láti 2011 ni mo ti ń rajà lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́lùú. Wọ́n ń ta ti maṣíìnì lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń sọ ọ́ fún èèyàn kó tó sanwó. Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé yẹn, Màmá kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ tí wọ́n fi síbẹ̀ ló… See more
Like · Reply · 47 ❤️
[Edited ni pé ó padà wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó gé síbẹ̀ yẹn, ìyókù rẹ̀ gan-an la sì nílò.]

Write a comment…

[Àwòrán tán síbẹ̀. Mo máa gba fóònù yín lálẹ́ òní, kí n ṣí ojú ìwé náà, kí n rí àwòrán aṣọ mẹ́ta tó kù àti ìyókù ọ̀rọ̀ oníbàárà yín. Ẹ má tíì fèsì. Ẹ sì bi ọmọ yẹn léèrè ohun tó sọ ní Sátidé.]